Owó ń pọ̀ sí i, búrẹ́dì ń dínkù: báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún Alhaja?

Àbẹ̀ní Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà. Alhaja ni ọ̀gá wa, wọ́n ti gbé búrẹ́dì sórí kiri rí kí wọ́n tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé bí ọjà ọdún 2024 ṣe lọ sí. Mo ṣe sílaìdì rẹpẹtẹ, ṣáàtì kún inú ẹ̀. N ò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi ní, "Àbẹ̀ní, ṣé ọjà ń tà ni àbí kò tà?" Owó tó wọlé ní oṣù Kejìlá 2024 ju ti 2023 lọ, inú wọn sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n iye búrẹ́dì tó jáde ti dínkù. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tó máa yé wọn, tí mi ò sì ní parọ́?

---

Bọ̀dé Onílápùtọ́ọ̀pù

Àbúrò, Power BI ni kó o lọ kọ́. PowerPoint ti di ti àtijọ́. Tí Alhaja bá lè fi ìka tẹ ṣáàtì lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n rí i bó ṣe ń yí padà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo ní fídíò tí mo fi kọ́ ọ, tó o bá fẹ́ kí n fi ránṣẹ́.

---

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò

Bọ̀dé, kì í ṣe ohun tó bi wá nìyẹn. Alhaja ti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, tábúlẹ́ẹ̀tì ò lè bá a dáhùn. Mo mọ ọ̀gá kan tí wọ́n ṣe irú ṣáàtì tó ń yí padà bẹ́ẹ̀ fún. Ohun tó ń ṣe ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni pé ó ń pe ọmọ tó ṣe é kó wá kà á sí òun létí.

Àbẹ̀ní, wo ìbéèrè Alhaja dáadáa. Ẹni tó ti kiri búrẹ́dì rí, tó bá ní "ọjà ń tà", búrẹ́dì tó kúrò lórí igbá ló ń sọ. Náírà ni ìwọ fi ń dá wọn lóhùn. Àárín ibẹ̀ ni ẹ ti ṣì ara yín gbọ́. Jọ̀ọ́, kọ nọ́mbà rẹ síbí kí gbogbo wa rí i: búrẹ́dì ńlá mélòó, kékeré mélòó, iye tí ẹ ń ta ẹyọ kan, oṣù Kejìlá ọdún méjèèjì. Má ì tíì fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kankan sí i.

---

Àbẹ̀ní Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo yí wọn sí odindi kó lè rọrùn láti kà.

Ní oṣù Kejìlá 2023, a ta búrẹ́dì ńlá 10,000 ní ₦1,000 ẹyọ kan, a sì ta kékeré 8,000 ní ₦400. Gbogbo owó jẹ́ mílíọ̀nù 13.2 náírà.

Ní oṣù Kejìlá 2024, ńlá di 7,000 ní ₦1,500, kékeré di 9,000 ní ₦600. Gbogbo owó jẹ́ mílíọ̀nù 15.9.

Nínú sílaìdì mi, mo kọ ọ́ pé owó fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, pé iye búrẹ́dì fi ìdá 11 lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Alhaja ti dá mi dúró. Wọ́n ní báwo ni nǹkan kan ṣoṣo ṣe lè máa lọ sókè kó tún máa lọ sílẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò

Alhaja ò jẹ̀bi. Nǹkan méjì lo sọ, o sì so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ni.

Ohun tí màá ṣe nìyí. Màá kọ́kọ́ ya iṣẹ́ tí owó orí búrẹ́dì ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí búrẹ́dì fúnra ẹ̀ ṣe. Ká sọ pé ẹ ò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rárá, pé búrẹ́dì tó jáde ní 2024 yìí náà ló jáde, ṣùgbọ́n iye ti 2023 lẹ ṣì ń tà á. Ńlá 7,000 lọ́nà ₦1,000 jẹ́ mílíọ̀nù 7. Kékeré 9,000 lọ́nà ₦400 jẹ́ mílíọ̀nù 3.6. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10.6. Tí iye owó àtijọ́ bá wà ní òpó B, tí iye búrẹ́dì tuntun wà ní òpó E, Excel á ṣe é bẹ́ẹ̀:

```
=SUMPRODUCT(B2:B3,E2:E3)
```

Wàá rí i pé láti 13.2 sí 10.6, mílíọ̀nù 2.6 ló lọ. Búrẹ́dì ńlá tí kò jáde mọ́ ló gbé e lọ, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí kékeré tó pọ̀ sí i mú wọlé. Láti 10.6 sí 15.9, mílíọ̀nù 5.3 ló wọlé. Owó tí ẹ fi kún orí búrẹ́dì ló mú un wá. Gbogbo ayọ̀ Alhaja, orí àfikún owó ló dúró lé.

Síbẹ̀, mi ò ní gbé ìṣirò yìí síwájú wọn. Ìwọ ló wà fún, kó o lè mọ ohun tó ò ń sọ. Ohun tí màá sọ fún Alhaja kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ:

"Alhaja, owó tó wọlé ju ti èṣí lọ. Àfikún tí ẹ fi sórí búrẹ́dì ló mú un wá, kì í ṣe pé búrẹ́dì pọ̀ sí i. Nínú búrẹ́dì ńlá mẹ́wàá tí à ń tà léṣìí, mẹ́ta ò jáde mọ́."

Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n béèrè ohun tó kàn.

Ṣé o rí i pé mi ò mẹ́nu ba ìdá 11 yẹn? Ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni. Ó da ńlá tó já wálẹ̀ pọ̀ mọ́ kékeré tó gòkè díẹ̀, wọ́n wá jọ pa ara wọn rẹ́. "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá" ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹni tó ti ru búrẹ́dì rí á sì fojú rí i.

---

Akántáǹtì Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí gbólóhùn mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìṣirò yín ò pé. Kí la fẹ́ fi owó èṣí ṣe? Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé ọjà gbówó lórí ní ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù Kejìlá 2023 sí oṣù Kejìlá 2024. Ẹ fi ìyẹn kún mílíọ̀nù 13.2, ó di mílíọ̀nù 17.8. Ìyẹn ni owó tó yẹ kó wọlé kí Alhaja tó lè sọ pé òun wà níbi tí òun wà tẹ́lẹ̀. Mílíọ̀nù 15.9 ló wọlé, a jẹ́ pé wọ́n ti pàdánù bíi mílíọ̀nù 1.9. Nọ́mbà kan ṣoṣo, ó ti tán.

---

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò

Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Nọ́mbà NBS ń sọ bí agbọ̀n ọjà gbogbo ìlú ṣe gbówó lórí: oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó ilé, aṣọ. Tí Alhaja bá béèrè pé, "Ṣé owó tí mò ń mú lọ sílé ṣì lè ra ohun tó ń rà léṣìí?", ìdáhùn rẹ bá a mu. Ohun tí wọ́n béèrè kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ṣé ọjà ń tà. Búrẹ́dì tiwọn gbówó lórí ní ìdajì gééré, láti ₦1,000 sí ₦1,500, kì í ṣe ìdá 34.80. Tó o bá fi nọ́mbà gbogbo ìlú ya owó búrẹ́dì sọ́tọ̀, apá kan àfikún owó tiwọn á ṣì máa jọ ọjà tó tà.

Ó tún ní ibì kan tí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n kó sí kòtò. Ní oṣù Kìíní 2025, nọ́mbà NBS di 24.48. Àwọn kan gbé àwòrán síwájú ọ̀gá wọn pé láàárín oṣù kan, ìyára tí ọjà fi ń gbówó lórí ti já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àjọ náà ló tún ìṣirò ṣe: wọ́n gbé ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń wé iye owó kúrò ní 2009 sí 2024, wọ́n sì tún ohun tó wà nínú agbọ̀n tò. Ẹ ò lè fa ìlà kan gba nọ́mbà méjèèjì kọjá. Ọ̀gá tí kì í ṣe oníṣirò ò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé e wá ló yẹ kó mọ̀.

---

Akántáǹtì Òṣogbo

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi NBS sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi owó èṣí ṣírò ohun tó lọ? Èṣí ò sí mọ́. Ká ní búrẹ́dì ò dínkù, tí wọ́n sì ń tà á ní iye òní, mílíọ̀nù 19.8 ni ì bá wọlé. Mílíọ̀nù 3.9 ló lọ, kì í ṣe 2.6. Owó òní ni Alhaja ń ná, òun ló máa dùn wọ́n.

---

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò

Ó lè dùn wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó ń ra ńlá ní ₦1,000 á ṣì máa ra iye kan náà ní ₦1,500? Mílíọ̀nù 3.9 ń ṣe bí ẹni pé owó náà wà níbì kan tí wọ́n kàn kọ̀ láti lọ gbé e. 2.6 tèmi náà ní àbùkù tiẹ̀, mi ò ní jiyàn.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa níbí. A ti rí 1.9, 2.6 àti 3.9, kò sì sẹ́ni tó parọ́ nínú wa. Tí Àbẹ̀ní bá gbé èyíkéyìí nínú wọn wọlé, ìjà lórí nọ́mbà ni wọ́n máa fi gbogbo ìpàdé jà. Búrẹ́dì 10,000 di 7,000, kò sẹ́ni tó lè bá a jà. Ìdí tí mo fi ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi búrẹ́dì nìyẹn.

---

Akántáǹtì Òṣogbo

Èmi ṣì rò pé ọ̀gá tí kò gbọ́ iye owó tó lọ ò ní dìde lórí àga. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì Leeds

Mo kí gbogbo ilé. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ dátà ní England níhìn-ín. Àwọn ọ̀gá wa jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àgbà àti àwọn tó ń bójú tó owó. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí náà ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ Àbẹ̀ní: oṣù méjì péré ni ẹ gbé kalẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, òfin tó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé nínú 100 èèyàn tó bá wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì, ó yẹ kí 95 ti gba ìtọ́jú kí wọ́n sì ti kúrò níbẹ̀, bóyá sílé tàbí sí wọ́ọ̀dù, láàárín wákàtí mẹ́rin. Lóṣooṣù ni àwọn ọ̀gá ń wo nọ́mbà yẹn. Tó bá gòkè díẹ̀, wọ́n á yin ẹnì kan. Tó bá wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á pe ẹnì kan wá jẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ohun kankan tó yí padà, nọ́mbà kàn ń mì bó ṣe máa ń mì ni. A wá dẹ́kun gbígbé oṣù yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù tó kọjá. Ìlà oṣù tó pọ̀ la ń fà báyìí, a ó sì fa ìlà kan sí àárín, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè àti ọ̀kan sísàlẹ̀ láti fi hàn ibi tó máa ń mì dé. Ìgbà tó bá gba ìkan kọjá, tàbí tó bá wà ní apá kan ìlà àárín fún ìgbà pípẹ́, la tó ń pe ìpàdé.

Àbẹ̀ní, oṣù Kejìlá tún burú fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọdún Kérésì àti ìnáwó òpin ọdún wà nínú ẹ̀. Fa oṣù 24 jáde, búrẹ́dì ńlá nìkan, kó o wo bó ṣe wálẹ̀. Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni, àbí ó já lẹ́ẹ̀kan?

---

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò

Ẹ ṣeun, ìyá ìbejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e nìyẹn, ẹ ti gbà á lẹ́nu mi.

Màá fi èyí kún un. Àbẹ̀ní, mo mọ̀ pé ìtàn kan ti ń tò ara ẹ̀ lọ́kàn rẹ báyìí: owó ò sí lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ti ńlá bọ́ sí kékeré. Ìtàn tó dùn ni, gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà á mi orí sí i. Nítorí pé ó dùn ni mo ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀. Ìwé rẹ ò sọ ẹni tó ra búrẹ́dì, ohun tó jáde nílé ló sọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló ń wá gbé e lọ́dọ̀ yín, àwọn tó ń gbà á lọ tà ni. Pín 10,000 àti 7,000 yẹn sí ọ̀nà tí fáànù, ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì yín, ń gbà. Tó bá jẹ́ pé owó ló wọ́n lọ́wọ́ ìlú, gbogbo ọ̀nà ló yẹ kó dínkù, bí ò tiẹ̀ rí bákan náà. Tó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló já, nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn.

---

Ọmọ Alhaja Kejì

Ẹ jọ̀ọ́, èmi fẹ́ bá yín sọ nǹkan mìíràn. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nọ́mbà nìkan ló wà nínú yàrá yẹn. Màmá mi náà ní ilé iṣẹ́, aṣọ làwa ń rán. Ọmọ kan wá sọ fún wọn lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ọjà ti lọ sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ dátà parí níbẹ̀, wọ́n ò tún bi í ní ohunkóhun mọ́. Kí Àbẹ̀ní kọ́kọ́ yin Alhaja, kó sọ ibi tó dáa, kó wá fi ohun tó kù sí ìparí.

---

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò

Mo gbà pé kí ó má sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Kó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì ṣáájú ìpàdé, lórí ìkúnlẹ̀, kó mú bébà kan ṣoṣo dání. Ọ̀gá tó bá ti mọ ohun tó ń bọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn tó kù, á sì dà bíi pé òun ló rí i.

Ti fífi ọ̀rọ̀ sí ìparí, mi ò gbà. Alhaja ò jẹ́ kí ó dé ìdajì lọ́jọ́ sí, ẹ ti gbàgbé ni? Ọ̀rọ̀ tí o bá fi sí ìparí, ó ṣeé ṣe kí fóònù dún kí o tó dé ibẹ̀. Gbólóhùn mi àkọ́kọ́ ní ìyìn nínú náà: owó ju ti èṣí lọ. Òótọ́ sì ni. Ìyìn tó jẹ́ apá kan ìdáhùn yàtọ̀ sí ìyìn tí a fi bo ìdáhùn mọ́lẹ̀.

---

Ọmọ Alhaja Kejì

Ẹ̀yin ò mọ màmá mi ni.

---

Bọ̀dé Onílápùtọ́ọ̀pù

Power BI lè pín in sí ọ̀nà fáànù láàárín ìṣẹ́jú kan o. Mo kàn ń sọ ni.

---

Àbẹ̀ní Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Excel náà ni mo fi ṣe é, ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé, ẹ má bínú.

Ọ̀nà mẹ́rin la ní. Búrẹ́dì ńlá ní ọ̀nà Sángo, Challenge àti Àpáta dínkù ní 300 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Ìwó Road wálẹ̀ láti 4,000 sí 1,900. Ìyẹn ni pé nínú 3,000 tó lọ, 2,100 ló ti Ìwó Road lọ. Ẹnu yà mí.

Mo fa oṣù 24 jáde bí ìyá ìbejì ṣe sọ. Sángo, Challenge àti Àpáta ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí a ti ń fowó kún un. Ìwó Road ń bá wọn rìn bákan náà títí di oṣù Keje 2024. Ní oṣù Kẹjọ, ó já bọ́, kò sì gòkè mọ́. Mo bi awakọ̀ léèrè. Ó ní ìyá kan tó máa ń gba ńlá púpọ̀ lọ pín fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ kò gba tiwa mọ́, ilé búrẹ́dì mìíràn ló ń bá ṣe báyìí.

Kékeré pọ̀ sí i ní gbogbo ọ̀nà, Ìwó Road náà wà níbẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì Leeds

Ìtàn méjì ló wà nínú nọ́mbà kan nìyẹn. Èyí tó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, owó ló ṣeé ṣe kó fà á. Èyí tó já lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ló fà á. Má dà wọ́n pọ̀. Bébà rẹ ò nílò ju ìlà méjì lọ: Ìwó Road ní àwọ̀ pupa, àwọn mẹ́ta tó kù ní àpapọ̀ ní àwọ̀ eérú. Kọ "oṣù Kẹjọ" síbi tó ti já. Má kọ orúkọ ìlà sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kọ ọ́ sí ẹnu ìlà gan-an kí ojú wọn má bàa máa sáré lọ sáré bọ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò

Kí ìsàlẹ̀ àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 1,500, á dà bíi pé Ìwó Road ti kú, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń gba 1,900. Tí ọ̀gá bá wá rí i lẹ́yìn náà, kò ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́.

Gbólóhùn mẹ́ta tí mo fún ọ lókè níbẹ̀ ti yí padà báyìí. Tèmi ni yóò máa lọ báyìí:

"Alhaja, owó tó wọlé ju ti èṣí lọ, àfikún tí ẹ fi sórí búrẹ́dì ló mú un wá. Búrẹ́dì ńlá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ò jáde mọ́, Ìwó Road ni èyí tó pọ̀ jù ti lọ, láti oṣù Kẹjọ tí ìyá tó ń gbà á níbẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀nà mẹ́ta tó kù, mẹ́ta nínú ogún ló dínkù."

Ṣé o rí ohun tó yàtọ̀? Tó bá jẹ́ ìtàn "owó ò sí nílùú" lo gbé lọ, Alhaja lè ní kí wọ́n dín owó búrẹ́dì kù ní gbogbo ọ̀nà. Ọ̀nà Ìwó Road ò ní tìtorí ẹ̀ padà, èrè ọ̀nà mẹ́ta tó kù á sì lọ pẹ̀lú ẹ̀.

Ohun kan péré ni mi ò ní jẹ́ kó o sọ: ìdí tí ìyá yẹn fi lọ. Awakọ̀ sọ pé ó lọ, kò sọ ìdí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń tà á láwìn níbòmíràn, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ pé fáànù yín ń pẹ́ dé. Jẹ́ kí Alhaja fúnra wọn pè é.

---

Tísà Fẹ̀yìntì

Mo ń kà á bọ̀ láti òkè wá, mo ní ìbéèrè kan. Ilé búrẹ́dì ni ìyàwó mi ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí fùláwà wọ́n, wọn ò fi owó kún búrẹ́dì nìkan, wọ́n tún ń gé ìwọ̀n ìyẹ̀fun pípò kù. Àbẹ̀ní, ṣé búrẹ́dì kékeré 2024 yìí tóbi tó ti 2023? Tí kò bá tóbi tó o, iye búrẹ́dì gan-an ò ní jẹ́ òṣùwọ̀n tó dúró.

---

Àbẹ̀ní Mọ́kọ́lá

Ha, bàbá. Mo mọ̀ pé wọ́n gé kékeré kù láàárín ọdún. Mi ò mọ iye gíráàmù. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò

Bàbá sọ òótọ́, ó sì kan èyí tí a pè ní "kékeré pọ̀ sí i". 9,000 tó kéré ní ìwọ̀n lè má gba fùláwà ju 8,000 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti ńlá ni ká dìrọ̀ mọ́, tí wọn ò bá gé òun náà. Kí o wò ó nínú ìwé sítóò: àpò fùláwà 50 kílò mélòó ni wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún méjèèjì? Wọn kì í gbàgbé láti kọ àpò tí wọ́n bá ṣí. Tí àpò bá dínkù ju bó ṣe yẹ kó dínkù fún ńlá 7,000 àti kékeré 9,000 ní ìwọ̀n àtijọ́ lọ, gígé ló wà níbẹ̀. Ẹni tó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àpò kíákíá ju ohunkóhun mìíràn lọ.

---

Akántáǹtì Òṣogbo

Tí ẹ bá ti dé orí àpò fùláwà, ẹ ti dé orí èrè nìyẹn. Èló ni àpò kan ní 2023, èló ní 2024? Iye tí wọ́n ń tà á fi ìdajì gòkè, fùláwà, gáàsì àti dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Alhaja á béèrè o, Àbẹ̀ní. Má lọ síbẹ̀ láì mọ̀ ọ́n.

---

Àbẹ̀ní Mọ́kọ́lá

Ìwé owó tí a fi ra fùláwà ò sí lọ́wọ́ mi, ọwọ́ àbúrò Alhaja ló wà. Mo ti béèrè fún un. Wọ́n ní kí n dúró.

Mo ti rí Alhaja ní ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí ṣá. Bébà kan, ìlà méjì. Wọn ò wo àwọ̀ eérú yẹn rárá, pupa ni wọ́n ń tẹjú mọ́. Wọ́n béèrè orúkọ ìyá Ìwó Road, mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí àwọn ń kiri. Wọ́n gbé fóònù. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n ní kí n máa lọ.

---

Ọmọ Alhaja Kejì

Ṣé o kọ́kọ́ yìn wọ́n?

---

Àbẹ̀ní Mọ́kọ́lá

Mo ní owó ju ti èṣí lọ. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni mo mọ̀. Kí ló kù?"